Ọbẹ̀ Ẹ̀gúsí Tí Wọ́n Ń Pè Ní Kítò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìṣirò Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi jáde lónìí. Oúnjẹ kítò ni mo ń sè tà ní Òṣogbo níbí, mo sì máa ń bá àwọn oníbàárà mi yẹ résípì wò kí wọ́n tó kó owó lọ sí Ọjà Ọba. Ohun tójú mi ń rí ò kéré. Èèyàn á ra ẹran ewúrẹ́, á ra ẹ̀gúsí, á ra epo, owó ńlá, á jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ara ò ní wọ kítósìsì, ìyẹn ipò tí ara ti ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà, rárá, á wá máa sọ kiri pé kítò ò bá ẹ̀jẹ̀ òun mu. Nígbà tó bá mú résípì ọ̀hún wá, n ó rí i pé ìṣirò rẹ̀ ò tọ̀nà látìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní máa ṣàlàyé kí ni kítò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ti mọ̀ pé gíráàmù 20 káábù lójúmọ́ ni àwọn tó ń ṣe é le ń dúró sí, àwọn mìíràn ń gùn ún dé 50. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni gbogbo wa ń jẹ, òun náà ni résípì rẹ̀ sì pọ̀ jù nígboro.

1. Ẹ má fi kọ́ńgò tàbí agolo mílíìkì ka káábù. Agolo tó kún bò lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ fi ọwọ́ gbá lórí nílé, ẹ̀gúsí tí wọ́n lọ̀ náà ò sì wọ̀n bákan náà pẹ̀lú odindi. Résípì tó bá ní "ẹ̀gúsí agolo méjì, epo díẹ̀, ẹran bó bá ṣe wù yín", tó wá kọ káábù sísàlẹ̀ bíi pé wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ pé níbo ló ti rí i. Ẹ ra síkéèlì kékeré, èyí tó ń lo bátìrì. Ohun gbogbo ní tútù ni kẹ́ ẹ gbé lé e, kó tó kan iná. Ẹran máa ń sọ omi nù tó bá jinná, ẹran ewúrẹ́ tútù ní bíi purotéènì 20 nínú gíráàmù 100, èyí tó ti jinná á sún mọ́ 27. Ẹni tó bá wọn ẹran tútù tó wá lọ mú nọ́ńbà ẹran jíjinná ti ba ìṣirò náà jẹ́ nìyẹn.

2. Ẹ má yọ fáíbà, ìyẹn apá káábù tí ara kì í lò, lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ń dùn mí nítorí àwọn tó ń gbìyànjú gan-an ló ń ṣe é. Lára páálí tó wá láti Amẹ́ríkà, fáíbà wà nínú káábù, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ wọnú díẹ̀ lábẹ́ káábù, ẹ lè yọ ọ́. Lára èyí tó wá láti ìlú Òyìnbó lọ́hùn-ún, Bìrìtéènì àti Yúróòpù, wọ́n ti yọ fáíbà kí wọ́n tó kọ káábù, wọ́n á wá kọ fáíbà sí ìlà tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún yọ ọ́, ẹ ti sọ káábù di kékeré lórí ìwé, inú ikùn ò sì mọ̀ nípa ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá wo tábìlì oúnjẹ tẹ́ ẹ ò rí fáíbà kankan, ẹ má ro nọ́ńbà kan látorí yín. Ẹ ka káábù yẹn lódindi.

3. Káábù tí wọ́n kọ fún abọ́ kan kì í ṣe òdiwọ̀n ọjọ́. Abọ́ méjì, ẹ sọ ọ́ ní ìlọ́po méjì.

Ó kan èyí tó ń bí mi nínú jù, ìyẹn ìpín ọ̀rá sí purotéènì. Oníbàárà mi kan tó ń gbé Alékúwodò ló mú résípì tó sanwó fún wá. Ó ní, "Aǹtí, wọ́n ní ọ̀rá ẹ̀ ju purotéènì lọ, káábù abọ́ kan sì jẹ́ 5 péré, kí ló dé tí ìwọ̀n mi ò yí?" Mo ní kó jókòó, a gbé síkéèlì jáde, a bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀gúsí.

Résípì náà fún abọ́ mẹ́fà ni. Ẹ̀gúsí lílọ̀ gíráàmù 250, epo pupa 100, ẹran ewúrẹ́ tútù 600, àlùbọ́sà 150, tàtàṣé 200, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ 300. Gíráàmù 100 ẹ̀gúsí ní ọ̀rá bíi 47, purotéènì 28, káábù 15. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀gúsí jẹ́ ọ̀rá lásán nítorí bó ṣe ń yọ epo, wọ́n á fo káábù rẹ̀ dá. Nínú ìkòkò yìí, ẹ̀gúsí nìkan ti kó káábù 38 wọlé. Ẹ̀fọ́ kó 12, àlùbọ́sà 11 lẹ́yìn tá a yọ fáíbà, tàtàṣé 8. Àpapọ̀ rẹ̀ 69. Pín in sí mẹ́fà, ó lé ní 11 fún abọ́ kan. Ibo ni 5 yẹn ti wá? Ẹni tó kọ ọ́ ka àlùbọ́sà, tàtàṣé àti ẹ̀fọ́, ìyẹn jẹ́ 31, ó pín in sí mẹ́fà, ó sì fi ẹ̀gúsí sílẹ̀ pátápátá. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí o! Oníbàárà mi yìí sì ń jẹ abọ́ méjì lójúmọ́, ó ti kọjá 20 láìtíì kan ohunkóhun míì.

Ká wá bọ́ sórí ọ̀rá. Láti ara ẹ̀gúsí 118, epo 100, ẹran 14, ẹ̀fọ́ 1, àpapọ̀ 233. Purotéènì: ẹran 124, ẹ̀gúsí 70, ẹ̀fọ́ 7, àlùbọ́sà àti tàtàṣé 4, àpapọ̀ 205. Tẹ́ ẹ bá gbé 233 lé 205, ó dà bíi pé ọ̀rá lọ́lá, òótọ́ sì ni lójú ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka ìpín kítò láti ìgbà tí Dókítà Russell Wilder ti ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà ti fún oúnjẹ yìí lórúkọ ní 1921 fún àwọn tó ní wárápá, ọ̀rá wà lápá kan, purotéènì àti káábù pa pọ̀ wà lápá kejì. Káábù ò gbọ́dọ̀ sá lọ. 205 pẹ̀lú 69 jẹ́ 274. Tẹ́ ẹ bá pín 233 sí 274, ẹ máa rí 0.85. Kò tó ọ̀kan sí ọ̀kan. Lójú kálórì, tó jẹ́ pé gíráàmù ọ̀rá kan ní 9, tí purotéènì àti káábù ní 4 4, ọ̀rá mú ìdá 66 nínú 100, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi kítò dín ìwọ̀n kù ń wá 70 sókè.

Ẹ má sì da gíráàmù pọ̀ mọ́ kálórì. Ẹnìkan máa gbọ́ "ìdá 70 ọ̀rá", á wá bu gíráàmù 70 ọ̀rá sí gíráàmù 30 ìyókù. Ìyẹn ti di bíi ìdá 84 kálórì, oúnjẹ yẹn á wúwo nínú rẹ̀, á sì máa sáré lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀kan sí ọ̀kan ní gíráàmù ti tó ìdá 69 kálórì. Mẹ́rin sí ọ̀kan, èyí tí àwọn dókítà ń lò fún ọmọ tó ní wárápá, ìdá 90 ni.

Báwo la ṣe tún ìkòkò oníbàárà mi yìí ṣe? A ò da epo lé e lórí lásán, torí epo ò lè yọ káábù kúrò. A dín ẹ̀gúsí kù sí 200, ẹran ewúrẹ́ sí 400, àlùbọ́sà sí 50, tàtàṣé sí 100, a fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, a wá fi epo kún un dé 130. Káábù wálẹ̀ sí 50, ìyẹn bíi 8 fún abọ́ kan. Ọ̀rá 234, purotéènì 147. Pín 234 sí 197, ó jẹ́ bíi 1.2, ọ̀rá sì ti tó ìdá 73 kálórì. Ẹran ewúrẹ́ gbẹ, ọ̀rá inú rẹ̀ kò ju 2 sí 3 lọ nínú gíráàmù 100, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹja lè fi títùsì rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀, èyí á gbé ọ̀rá sókè láìfi epo kún un.

Epo tó léfòó náà wà lára rẹ̀. Àwọn kan á wọn epo dáadáa, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ọbẹ̀ á jinná, wọ́n á wá fi ṣíbí gbá epo orí rẹ̀ dànù torí ojú ń tì wọ́n láti jẹ epo. Nínú ìkòkò àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n bá gbá gíráàmù 40 dànù, ìpín náà já sí 0.7. Tẹ́ ẹ bá máa gbá a, ẹ wọn ohun tẹ́ ẹ gbá kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ nínú ìṣirò. Àwọn tó ń sè fún èèyàn púpọ̀, ẹ fi ṣíbí rò ó pọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó bù ú, ẹni tó kọ́kọ́ bù ú ló ń kó gbogbo epo, ẹni tó kẹ́yìn á jẹ ẹran àti ẹ̀gúsí tó rọ̀ sísàlẹ̀.

Bíbù náà nìyí: ẹ wọn ìkòkò lófìfo kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára ògiri tó bá ṣe pàtàkì, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ọbẹ̀ bá jinná, ẹ yọ ti àkọ́kọ́, ẹ pín in sí mẹ́fà. Tí ọbẹ̀ bá wọn 1,800, abọ́ kan jẹ́ 300. Ojú ò lè wọ̀n ọ́n.

Élùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n kì í ṣe kítò, ẹ má gbà fún ẹni tó ń tà á bẹ́ẹ̀. Tòmátò alágolo tó ki, ẹ ka tirẹ̀ náà, káábù rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti tútù.

Ọmọ tó ní wárápá yàtọ̀ pátápátá o. Ẹ má mú ìkòkò mi yìí fún un, onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ló ń ṣe ìpín tirẹ̀, gíráàmù kan á ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulínì tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ lọ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó dín káábù kù sí 20, torí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀bà yẹn lè já ṣúgà yín wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tí ẹ̀bà ò bá sí mọ́.