Bí mo ṣe to àkọsílẹ̀ ìtàn Ogun Àgbáyé Kìíní sórí ìlà àsìkò àti àtẹ okùnfà

Ohun tó wà níwájú mi ni ìwé àjákọ tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ ní kíláàsì, ojú ìwé tí mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú oríṣiríṣi ìwé ìtàn, àwòrán pátákó ìkọ̀wé tó wà lórí fóònù mi, àti àwọn gbólóhùn tí mo há sẹ́yìn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Ohun tó fa Ogun Àgbáyé Kìíní ni gbogbo wọn ń sọ, àmọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń sọ tirẹ̀. Ìdánwò alárọ̀kọ sì ni mo ń lọ ṣe. Wọn kì í bi ènìyàn ní ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan fi bí òmíràn ni wọ́n ń béèrè.

Mo gé páálí sí káàdì kéékèèké. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré ló ń wọ káàdì kan: ọjọ́ rẹ̀ lókè, ẹni tó ṣe é àti ohun tó ṣe láàárín, ibi tí mo ti rí i nísàlẹ̀. Gbólóhùn bíi “ara àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò balẹ̀ mọ́” kò rí káàdì gbà, torí kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun nínú rẹ̀. Irú wọn pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí mo fẹ́ to káàdì sórí ìlà, mo rí i pé ìlà kan kò lè gbà wọ́n. Láti 1871, nígbà tí Jámánì di orílẹ̀-èdè kan tó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Faransé, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ 1914, ọdún mélòó kan lè kọjá kí káàdì kan tó bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, 1914, tí wọ́n pa Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Ọ́síríà-Họ́ńgárì, ní Sarajevo, ìlú kan ní Bọ́sníà, títí dé ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun, ńṣe ni káàdì ń gorí ara wọn. Mo bá fa ìlà méjì. Ti òkè ń ka ọdún, ti ìsàlẹ̀ ń ka ọjọ́.

Ìlà ti ìsàlẹ̀ yìí ló tú àṣírí ohun kan. Káàdì kan sọ pé ọjọ́ 17, oṣù Keje ni ọba Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ péjọ. Òmíràn, láti inú ìwé mìíràn, sọ pé ọjọ́ 30 ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ 23, oṣù Keje ni Ọ́síríà-Họ́ńgárì, tó di ẹ̀bi ikú Franz Ferdinand ru Sẹ́bíà, fi ìwé gbèdéke ránṣẹ́ sí Sẹ́bíà, tó ní kó fèsì láàárín wákàtí 48. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 17 lóòótọ́, a jẹ́ pé Rọ́ṣíà ti ń palẹ̀ ogun mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ Sẹ́bíà, ẹ̀bi ogun náà á sì yí padà pátápátá. Mo yọ ọjọ́ kan kúrò nínú èkejì, ó ku 13. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé mi: kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni Rọ́ṣíà ṣì ń lò nígbà náà, ọjọ́ 13 ló sì fi wà lẹ́yìn ti àwọn yòókù. Ọjọ́ kan náà ni ìwé méjèèjì ń sọ. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ yòówù tó bá ti inú ìwé nípa Rọ́ṣíà wá, mo máa ń wo kàlẹ́ńdà rẹ̀ kí n tó gbé e sórí ìlà.

Ìlà àsìkò kò sọ ju ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e lọ. Fún àtẹ okùnfà, mo gbé káàdì tí mo gbà pé ó ṣe kókó sórí bébà fẹ̀ǹfẹ̀, mo sì ń fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì. Mi ò fa ọfà kankan láìkọ ohun tó ń ṣe sí i lára: ó dẹ́rù ba ta ni, ó dínà kí ni, ó fún ta ni láyè. Ibí ni díẹ̀ nínú àwọn gbólóhùn tí mo kó sí ẹ̀gbẹ́ ti wúlò.

Ọfà tó fún mi níṣẹ́ jù ni èyí tó ti ọ̀dọ̀ Sẹ́bíà lọ sọ́dọ̀ Rọ́ṣíà. Àkọsílẹ̀ kíláàsì mi kọ “àdéhùn” síbẹ̀, bí ẹni pé àdéhùn ló fa gbogbo ènìyàn wọ ogun. Ṣùgbọ́n kò sí àdéhùn tó de Rọ́ṣíà láti jà fún Sẹ́bíà. Mo padà sí ìlà ti òkè, mo rí káàdì 1908: Ọ́síríà-Họ́ńgárì gba Bọ́sníà, Rọ́ṣíà pariwo títí, ó sì gba kámú nígbẹ̀yìn. Mo fa ọfà láti ibẹ̀ wá sí ọjọ́ 30, oṣù Keje, mo kọ ọ́ sí i lára pé “kò fẹ́ kí ojú tún ti òun.” Ọ̀dọ̀ Ítálì ni mo ti dán ọ̀rọ̀ àdéhùn wò dáadáa. Láti 1882 ló ti wà nínú àdéhùn pẹ̀lú Jámánì àti Ọ́síríà-Họ́ńgárì, síbẹ̀ kò bá wọn jà ní 1914, nígbà tó sì di 1915, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá wọn ló bọ́ sí. Mo pa “àdéhùn” rẹ́ kúrò láàárín àtẹ, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó mú kí ìjà tètè tàn kálẹ̀ níbi tí ẹni tó ṣe é bá ti rí èrè tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọfà Jámánì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò ogun wọn ni láti kọ́kọ́ ṣẹ́gun Faransé kí ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó péjọ tán. Nítorí náà, àṣẹ ọjọ́ 30 dín àkókò wọn kù, wọ́n sì kéde ogun sí Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ. Ọ̀nà tí ètò náà gbà dé Faransé gba inú Bẹ́ljíọ̀mù kọjá, orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìwé ní 1839 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Àléébù kan wà lára irú àtẹ yìí: ọfà máa ń mú kí gbogbo nǹkan dà bí ohun tí kò ṣe é yẹ̀. Mo wá fi yẹ́lò kun ibi tí ẹnìkan ti lè yà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọjọ́ 28, oṣù Keje. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ọba Jámánì ka èsì Sẹ́bíà, tó sì kọ ọ́ pé kò sí ìdí fún ogun mọ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ọ́síríà-Họ́ńgárì kéde ogun.

Ìbéèrè tí mo bá pàdé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni pé báwo ni ikú Sarajevo ti jẹ́ okùnfà ogun náà tó. Mo ya àtẹ náà ní ṣókí sí ojú ewé ẹ̀yìn, orúkọ káàdì àti ọfà nìkan. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó ti 28, oṣù Kẹfà dé 4, oṣù Kẹjọ di ìpínrọ̀ kan, ohun tí mo kọ sára ọfà sì di gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ sí àwọn ibi tí mo kun ní yẹ́lò. Níbẹ̀ ni mo ti sọ pé ikú náà fún Ọ́síríà-Họ́ńgárì ní àwáwí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èsì Sẹ́bíà, àwọn tó ṣì lè dá ogun náà dúró wà láàyè, wọ́n sì wà lórí oyè.