Mo ti sọ síláìdì di òòró, síbẹ̀ wọn ò rí i kà lórí fóònù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àgbẹ̀ oníṣu ní Ìlawẹ̀-Èkìtì ni mo ń fi síláìdì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Mo ti yí i sí òòró nínú PowerPoint, mo tẹ Ensure Fit, àmọ́ lẹ́tà ò tóbi sí i rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ensure Fit náà ni, àbúrò mi. Kò fẹ́ kí nǹkan kan yọ síta, ló ṣe sún gbogbo rẹ̀ kì. Jẹ́ ká ṣírò ó. Síláìdì àtijọ́ fẹ̀ ní íǹṣì 13.333, ojú fóònù tí a gbé dúró ò ju bí íǹṣì 2.7 lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, lẹ́tà 24 á wá hàn bí 5. Nígbà tí o sọ ìbú di 7.5, Ensure Fit sọ 24 yẹn di bíi 13.5, fóònù tún fún un pọ̀, ó padà sí bí 5 náà. Ààyè tó ṣófo lókè àti nísàlẹ̀ nìkan lo jèrè. Bí o bá tẹ Maximize, ọ̀rọ̀ á yọ kọjá etí.

Ọ̀rọ̀ lo máa pín. Kọ́kọ́ fi Save As ṣe ẹ̀dà. Mú síláìdì ebè rẹ, tí àwòrán wà lósì, tí ìlà mẹ́fà wà lọ́tùn-ún. Gbé àwòrán lọ sókè kó gba gbogbo ìbú, fi ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà 30, kó mẹ́ta yòókù lọ sórí síláìdì mìíràn. 30 yẹn á hàn bí 11 lórí fóònù, àwọn bàbá wa á sì kà á láìfi ìka fẹ̀ ẹ́. Inú View > Slide Master ni kí o ti to àyè wọn, kí o tó padà wá tẹ Home > Reset.

Ìbéèrè: Mo tẹ Reset, àpótí kan ò mira.

Ìdáhùn: Ìwọ lo fi Insert > Text Box fà á síbẹ̀, Reset ò mọ irú rẹ̀. Ṣí View > Outline View: ọ̀rọ̀ tí o kò bá rí níbẹ̀, inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ló wà. Gé e, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí tó bá síláìdì wá. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú fi 7.5 sí 7.5 ṣe é?

Ìdáhùn: Lẹ́tà ò ní yàtọ̀ lórí fóònù, torí ìbú kan náà ni, àyè ìsàlẹ̀ lo máa pàdánù. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fẹ́ fi ẹ̀rọ tan fáìlì kan náà sára ògiri nípàdé, 7.5 sí 7.5 ni kí o mú. Lójú ẹ̀rọ oníbùú, ó ń gba ju ìdajì lọ; òòró ò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta.