Bí mo ṣe tọ́jú ètè àbúrò mi nígbà ọyẹ́

Àbúrò mi ń gun ọ̀kadà láàárín Ṣágámù àti Ìpẹru. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ètè rẹ̀ sán, ó ń bó, ó sì dúdú. Ó ní oòrùn ló fà á. Mo ní kó dojú kọ ìmọ́lẹ̀ kí n wò ó. Dúdú náà kò mọ sórí ètè nìkan. Ó yí ẹnu rẹ̀ po, ó sì parí síbi tí ahọ́n rẹ̀ lè dé. Oòrùn kì í yí ẹnu po báyẹn. Ó ń lá ètè ni.

Awọ ètè fẹ́lẹ́, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òróró tirẹ̀. Bí itọ́ bá gbẹ lórí rẹ̀, ó máa ń gba ọ̀rinrin tó kù lọ, ohun tó ń mú oúnjẹ dà nínú itọ́ á sì máa jẹ awọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ibi tó bá ti wú tó sì ti bó máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀.

Mo bi í ohun tó ń fi pa á. Ó yọ báàmù kékeré kan lápò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó máa ń ta ni. Bó bá ti ń ta mí, mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́."

Méńtọ́ọ̀lù àti káfúrà ló wà nínú rẹ̀. Títa yẹn kì í ṣe ìwòsàn. Ó ń bí awọ nínú, ètè tún ń gbẹ, ọmọ náà tún ń lá a. Báàmù olóòórùn dídùn àti èyí tó ní adùn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo gba báàmù náà, mo ra fasilíìnì funfun tí kò ní òórùn. Mo ní kó fi omi tútù rẹ ètè díẹ̀, kó fi fasilíìnì bò ó kí omi má sá lọ, kó pa á lẹ́yìn oúnjẹ, lóru kó pa á nípọn, kó sì tún pa á nígbàkígbà tí ahọ́n bá fẹ́ jáde. Òrí tí kò ní lọ́fínńdà náà dáa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ha á, mo kọ̀. Awọ tó ti sán kọ́ la ń ha. Ìkókóré aláta náà dúró díẹ̀, ìyẹn ló dùn ún jù.

Nígbà tó jiná, ọ̀rọ̀ oòrùn ló wá kàn, nítorí ètè ìsàlẹ̀ ló ń kojú ọ̀run, fasilíìnì kò sì lè dí oòrùn. Mo wá báàmù tó ń dí oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 sí, tó ní síńkì. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà sọ ètè rẹ̀ di funfun.

"Wọ́n á ní mo jẹ ẹfun!"

A pààrọ̀ rẹ̀ sí aláwọ̀ búráùn. Ó ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì àti lẹ́yìn oúnjẹ.

Sísán náà kò pẹ́ kó tó dí. Dúdú yẹn ló ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Bí ibì kan lórí ètè ìsàlẹ̀ bá le gbagidi tàbí tí egbò rẹ̀ kọ̀ láti jiná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.