Àwọn àṣìṣe tó ń da ìṣirò TVA rú mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́ l'Àjàṣẹ́

Kò sí ẹni tó ń tajà l'Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin tí kò mọ̀ pé 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni TVA, owó-orí tí oníbàárà ń san mọ́ owó ọjà. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn: nínú owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà, èló ni ẹ máa kó fún ìjọba, kí sì ni ẹ lè yọ kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó kó o? Ẹni tó bá ṣì í síbẹ̀ yóò san ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó san kéré, kí wọ́n wá padà bá a lọ́dún méjì sígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ọ̀dà, ìṣó àti páìpù lẹ́bàá ọjà Wàndó ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà tó ń tà lọ́dún lé ní mílíọ̀nù 50 fáráńkì, ìdí nìyẹn tó fi wà lábẹ́ TVA. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, TPS, owó-orí àwọn oníṣòwò kékeré, ló ń san, kò sì gbọdọ̀ kọ TVA sórí ìwé ọjà rẹ̀ rárá. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ kí oníbàárà lè rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Owó tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ síbẹ̀ ti di gbèsè ìjọba lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó kọ ọ́.

Ẹ má ṣe ṣírò 18 lórí owó tó ti ní TVA nínú

Ní oṣù kẹta, ìyá yìí ta ọjà, gbogbo owó tó wà lórí ìwé ọjà rẹ̀ jẹ́ 5 900 000 fáráńkì. Owó yìí ni ìwé máa ń pè ní TTC, ìyẹn ni pé TVA ti wà nínú rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò, ó sọ 5 900 000 di ìlọ́po 18, ó fi 100 pín in, ó rí 1 062 000. Èyí kì í ṣe TVA rẹ̀.

Orí owó ọjà lásán, tí ìwé ń pè ní HT, ni wọ́n ti ń ka 18 yẹn. Tí ọjà lásán bá jẹ́ 100, oníbàárà á san 118. Nítorí náà, tó bá jẹ́ TTC ló wà lọ́wọ́ yín, 118 ni ẹ máa fi pín in, kì í ṣe 100:

```
TVA = TTC × 18 / 118
5 900 000 × 18 / 118 = 900 000
```

Ọjà lásán jẹ́ 5 000 000, TVA tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà jẹ́ 900 000. Ìyá wa ti fẹ́ fi 162 000 ta ìjọba lọ́rẹ láìmọ̀. Ọ̀nà kan wà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ro HT àti TVA tí ẹ rí pọ̀. Tí kò bá padà di TTC gan-an, ibì kan ti ṣì.

Ẹ má ṣe dúró de owó gbèsè kí ẹ tó kéde TVA rẹ̀

Nínú 5 900 000 yẹn, 1 180 000 wà lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀ kan tó ti kó ọ̀dà lọ síbi iṣẹ́, tó ní oṣù kẹfà lòun máa san. Owó tó wọlé gan-an kò ju 4 720 000 lọ. Ó rọrùn láti sọ pé, "Mi ò tíì rí owó yẹn, kí ni màá tìtorí ẹ̀ san TVA?"

Ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n tà. Fún ọjà, ọjọ́ tí ẹrù bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà ni TVA rẹ̀ ti di ohun sísan, ì báà jẹ́ pé owó kò tíì wọlé. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ fún ènìyàn, bí ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, òun ló máa dúró di ìgbà tí owó bá dé. 180 000 tó wà nínú gbèsè kọ́ńtírákítọ̀ yìí jẹ́ ti oṣù kẹta. Ẹni tó ń tà ní àwìn gbọdọ̀ ro ìyẹn mọ́ ọn kó tó gbà fún oníbàárà, torí àpò ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ owó ìjọba.

Tí oníbàárà bá dá ọjà padà, ẹ má kàn fi bírò fa ìlà sórí ìwé àkọ́kọ́. Ẹ tẹ ìwé ìdápadà, èyí tí MECeF, ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí fún títẹ ìwé ọjà, ń fi FA ṣàmì rẹ̀, kí ó tọ́ka sí nọ́ńbà ìwé títà náà. Láìsí ìwé yìí, TVA ọjà tó ti padà sínú ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́rùn yín.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni ẹ lè fi yọ owó

Ibí ni owó ti ń bọ́ jù. TVA tí ẹ san nígbà tí ẹ ń ra ọjà ni ẹ lè yọ kúrò nínú èyí tí ẹ gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ TVA tí ẹni tó tà á fún yín gbà lóòótọ́, tó sì wà lórí ìwé tó péye.

Ẹ gbé ìwé náà síwájú kí ẹ wò ó dáadáa. Ìwé ọjà tó ní àṣẹ, tí a ń pè ní fakítù nọmalisé, máa ń ní àmì oníhò onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà, nọ́ńbà ẹ̀rọ, àti kóòdù MECeF/DGI. Ẹ wá IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó-orí, ẹni tó tà á, kí ẹ sì wá ti ẹ̀yin náà. IFU ní nọ́ńbà 13. Tí tiyín kò bá sí lórí ìwé, ìwé náà kò fi hàn pé ẹ̀yin lẹ rà á. Nítorí náà, ẹ fún olùtajà ní IFU yín kó tó tẹ ìwé, ẹ má dúró dìgbà tó bá parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. `B` ni ọjà tí TVA 18 wà lórí rẹ̀. `A` ni ọjà tí wọ́n dá TVA sí. `E` ni ọjà ẹni tó ń san TPS. Lábẹ́ `B` nìkan ni ìyá wa ti lè rí TVA láti yọ.

Ní oṣù kẹta yẹn, ó ra ọjà ní Kútọnù lọ́wọ́ olùtajà ńlá kan, HT 3 500 000, TVA 630 000. Ìwé náà péye. Ó san iná ṣọ́ọ̀bù, HT 100 000, TVA 18 000. Ó tún ra ìṣó 590 000 lọ́wọ́ ẹnìkan tí lẹ́tà `E` wà lórí ìwé rẹ̀. Lórí èyí, ó sọ fún ara rẹ̀ pé TVA gbọ́dọ̀ wà nínú owó yẹn, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ó fi 118 pín in, ó sì kọ 90 000 sílẹ̀ pé òun máa yọ ọ́. Kò sí TVA kankan níbẹ̀. Olùtajà ìṣó kò gba TVA, ìjọba kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ yọ?

Lábẹ́ ìwé Kútọnù, ìlà kan tún wà: AIB, 35 000. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún HT ni. Owó yìí kì í ṣe TVA. Owó àsansílẹ̀ ni fún owó-orí èrè, nígbà ìṣirò ti ọdún ni wọ́n ń yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀. Nítorí pé ó wà lórí ìwé kan náà, àwọn ènìyàn máa ń rò ó mọ́ TVA, àṣìṣe yìí sì ni mo rò pé ó gbòde jù.

Ẹ wá wo ibi tí ìṣirò méjèèjì bọ́ sí:

```
Ìṣirò tó ṣì:   900 000 − (630 000 + 18 000 + 90 000 + 35 000) = 127 000
Ìṣirò tó tọ́:  900 000 − (630 000 + 18 000)                  = 252 000
```

Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 125 000 nínú oṣù kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìjọba ti ní ìwé olùtajà méjèèjì lọ́wọ́, kò nira fún wọn láti rí i. 252 000 ni ó gbọdọ̀ kéde kó sì san, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin.

Àwọn ohun kan wà tí TVA wọn kò ṣeé yọ bí ìwé wọn tilẹ̀ mọ́: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ rà, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àlejò. Bákan náà, ẹrù tó gba ẹnubodè Ìlàrá tàbí Kraké wọlé láìní ìwé aṣọ́bodè lórúkọ yín kò ní TVA kankan tí ẹ lè yọ. Tí ẹ bá sì gba ẹnubodè lọ́nà tó tọ́, TVA tí aṣọ́bodè gbà wà lórí ìwé wọn. Ẹ yọ ọ́, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé.

Ní Kétu, ẹni tó ń ta àgbàdo lásán kò ń gba TVA, nítorí náà kò lè yọ TVA orí òṣùwọ̀n tó rà. Ẹni tó ń ta àgbàdo tó tún ń ta kẹ́míkà oko gbọ́dọ̀ fi ìpín ọjà tó ń san TVA mọ iye tó lè yọ.

Owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba kò ní jáde sọ́wọ́ yín

Ní oṣù kẹrin, ìyá wa kó ọjà púpọ̀ sílẹ̀. Ó ta HT 3 000 000, TVA 540 000. Ó rà HT 4 500 000, TVA 810 000. Iye tó yọ ju iye tó gbà lọ ní 270 000. Àṣìṣe méjì ló dúró dè é níbí. Ti àkọ́kọ́ ni pé kó rò pé oṣù yìí kò kan òun, kó má kéde. Bí kò bá kéde, 270 000 yẹn kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pé kó máa retí owó ní báńkì. Àwọn oníṣòwò kan, bí àwọn tó ń kó ọjà lọ sókè òkun, ni òfin gbà láyè láti béèrè ìdápadà. Ẹni tó ń tajà nínú ìlú máa gbé e kọjá sí oṣù tó tẹ̀lé e ni.

Ní oṣù karùn-ún, ó ta HT 4 000 000, ó rà HT 2 000 000:

```
720 000 − 360 000 = 360 000
360 000 − 270 000 = 90 000
```

90 000 ló san ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Ó wá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má tún gbé 270 000 kan náà wọ ìkéde oṣù kẹfà, torí ìwé ìkéde máa ń béèrè iye tó ṣẹ́kù láti oṣù tó kọjá, tí ọwọ́ bá sì ti mọ́ ọn lára, ènìyàn á kọ nọ́ńbà àtijọ́ síbẹ̀. Òdo ni ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.