Ohun Tí Mo Bi Onílé Kí N Tó Fọwọ́ Síwèé: Omi, Mítà Iná àti Owó Ìtọ́jú Ilé

Gbèsè iná tí mo san nínú ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe gbèsè mi. Kí n tó sanwó ilé náà ni mo ti béèrè bóyá mítà wà, wọ́n sì dá mi lóhùn pé mítà àsansílẹ̀ wà, pé olúkúlùkù ló ń ra iná tirẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni pé gbèsè wà lórí mítà náà láti ọwọ́ àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú mi. Nígbà tí mo ra iná naira 10,000 lẹ́yìn tí mo kó ẹrù wọlé, mo rí i lára rìsíìtì pé naira 5,000 ti lọ sórí gbèsè àtijọ́, àti pé wọ́n tún yọ owó orí, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kúrò lára ìyókù. Báńdì A ni àdúgbò wa wà, naira 209.50 sì ni yúnìtì kan nígbà náà, nítorí náà yúnìtì 22.2 ni mo rí gbà, nígbà tó yẹ kí owó mi ra 44.4. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé e ní gbogbo ìgbà tí mo bá ra iná, títí gbèsè tó lé ní naira 180,000 fi tán. Onílé ní àwọn tó jẹ ẹ́ ti kó lọ. Iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní nọ́ńbà mítà ni àwọn mọ̀, àwọn kò mọ ẹni tó ń gbé inú ilé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nítorí náà, nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó lọ sí Ọ̀gbà, mo pinnu pé ìdáhùn ẹnu nìkan kò ní tó mi mọ́. Gbogbo ohun tí mo bá béèrè ni mo fẹ́ fi ojú rí. Bí a ṣe ń wá ilé, bí a ṣe ń bá ajẹ́ńtì dúnàádúrà, gbogbo ará Èkó ló mọ èyí, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Omi ni mo kọ́kọ́ bi Bàbá onílé, tí àwọn náà ń gbé nísàlẹ̀ ilé ọ̀hún. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kànga ẹ̀rọ wa kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò.” Mo dúpẹ́, mo sì tọrọ àyè láti ṣí ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná. Omi náà mọ́ gaara. Mo pọn ọ́n sínú ike funfun kan tí mo gbé dání, mo sì bẹ ẹni tó ń bójú tó ilé pé kó bá mi gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé irin pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó. Bí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, irin ọ̀hún ti yọ́ mọ́ ọn, ojú kò lè rí i. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ni yóò tó pọ́n, tí yóò sì rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ní ọjọ́ kejì, omi inú ike náà ti pọ́n bí omi tíì tí a là, ohun pupa bí ìpẹtà sì ti dúró sí ìdí ike. Omi yìí kan náà ni ìbá máa ba aṣọ funfun àwọn ọmọ mi jẹ́. Mo fi han Bàbá. Wọn kò jiyàn. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ òpó táǹkì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ajọ̀mi tí wọ́n rì síbẹ̀ hàn mí. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ yanrìn inú rẹ̀ kẹ́yìn. A fẹnu kò pé wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ nínú owó ìtọ́jú ilé.

Ìbéèrè kejì lórí omi ni ti iná tó ń fà á: orí mítà ta ni ẹ̀rọ tó ń fa omi wà? Ajẹ́ńtì ní ó ní mítà tirẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó ilé ní orí mítà Bàbá ni. Mo ní kí wọ́n pa iná ilé tí mo fẹ́ gbà láti ìdí mítà rẹ̀, kí wọ́n sì tan ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Wọ́n tan iná ilé náà padà, ẹ̀rọ omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ilé mẹ́fà ló ń mu omi nínú ọgbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ra iná tó ń fà á, ẹni náà ni ìbá sì jẹ́ èmi! Ẹ̀rọ tó lágbára ẹṣin kan máa ń jẹ nǹkan bíi kílówáàtì 0.75 ní wákàtí kan. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ó ti lé díẹ̀ ní yúnìtì méjì, èyí tó tó naira 500 pẹ̀lú owó orí lórí Báńdì A, ìyẹn naira 15,000 lóṣù. Inú mi dùn gan-an pé mo ṣe àyẹ̀wò yẹn, nítorí kò sẹ́ni tí ìbá sọ ọ́ fún mi. Kí a tó lọ síwájú ni Bàbá ti pe oníṣẹ́ iná láti gbé wáyà ẹ̀rọ náà sórí mítà tiwọn, kí a máa yọ iye rẹ̀ nínú owó ìtọ́jú.

Ibi mítà gan-an ni ọ̀rọ̀ ti há. Mo gba nọ́ńbà mítà náà, mo sì ní mo fẹ́ ra iná naira 2,000 sórí rẹ̀ kí n tó sanwó ilé. Ajẹ́ńtì fa ojú ro. Ó ní, “Àǹtí, ta ló ń ra iná sílé tí kò tíì gbà?” Mo ní owó mi ni. Èsì tó jáde nìyí: yúnìtì 4.4, dípò 8.9. Ìdajì owó náà ti lọ sórí gbèsè, iye tó sì ṣẹ́ kù lé díẹ̀ ní naira 64,000.

Bàbá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé mítà àsansílẹ̀ kì í jẹ gbèsè. Wọ́n sọ òótọ́, nítorí bí owó bá tán lórí rẹ̀, iná yóò kú ni. Ṣùgbọ́n gbèsè lè bá a wá láti ibòmíràn: ó lè jẹ́ bíìlì ìfojúdíwọ̀n ayé àtijọ́ tí wọn kò san, tí wọ́n sì gbé sórí mítà tuntun, ó sì lè jẹ́ owó ìtanràn tí wọ́n bu fún ẹni tó jí iná lò. Àwa kò mọ èwo ni, orúkọ ayálégbé kan tó ti kó kúrò ló sì wà lórí àkáǹtì náà. Ní ọ́fíìsì àwọn oníná, wọ́n ní àwọn kò lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àfi kí ẹni tó ni orúkọ wá fúnra rẹ̀ tàbí kí onílé mú ìwé wá pé òun ló ni ilé. Ayálégbé náà kò gbé ìpè. Bàbá ní ìwé ilé àwọn wà ní abúlé, lọ́wọ́ àbúrò wọn.

Àkókò yẹn ni ajẹ́ńtì kò jẹ́ kí n sinmi. Lójoojúmọ́ ló ń pè pé ẹlòmíràn ti kó owó dání, pé bí n kò bá sanwó títí di ìrọ̀lẹ́, ilé ti lọ. Ọkọ mi pàápàá ti fẹ́ rọ̀ mí pé kí a gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá wá dá àbá kan: kí n san gbèsè náà, kí n yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ má bínú, bí ó bá jẹ́ pé a óò yọ ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ nínú ti ọdún yìí kí n tó sanwó.” Wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, n kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó kó owó dání tí ajẹ́ńtì ń wí kò sì fara hàn títí a fi parí.

Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ìwé ilé dé. Bàbá kọ lẹ́tà, wọ́n fi àwòrán mítà tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete sí i, wọ́n san gbèsè náà, wọ́n sì yí orúkọ orí àkáǹtì padà. N kò fi rìsíìtì owó tí wọ́n san ṣe ẹ̀rí. Mo tún ra naira 2,000, yúnìtì 8.9 sì jáde. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ tókìn oníka ogún náà sórí mítà nínú ilé, mo sì rí i tí iye yúnìtì lọ sókè. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n fún yín lè jẹ́ ti ilé kejì. Ẹ tún ṣọ́ra fún mítà tí wọn kò yí kọ́ọ̀dù rẹ̀ padà kí ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tó kọjá: kì í gba tókìn tuntun mọ́ títí wọn yóò fi ṣe é. Mo bá irú rẹ̀ pàdé nínú ilé mìíràn tí mo ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Owó ìtọ́jú ilé kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní naira 150,000 lọ́dún. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ọlọ́dẹ, kólẹ̀kódọ̀tí, iná àyíká àti omi wà níbẹ̀. Dísù ẹ̀rọ amúnáwá àti kíkó kòtò ìgbẹ́ kò sí níbẹ̀, ìgbà tó bá di dandan ni wọ́n ń dá owó wọn. Ó sàn kí n mọ̀. Mo fi òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 han Bàbá, abala kẹwàá: rìsíìtì owó ìtọ́jú gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti owó ilé, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìṣirò bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. (Òfin náà kò kan Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island.) Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

A kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn báyìí: “Onílé jẹ́rìí pé kò sí gbèsè kankan lórí mítà ilé yìí ní ọjọ́ tí ayálégbé gbà á, bí gbèsè tó ṣáájú ọjọ́ náà bá yọjú, onílé ni yóò san án. Ẹ̀rọ omi kò ní sí lórí mítà ayálégbé.” Bàbá fúnra wọn ló fọwọ́ sí i, n kò jẹ́ kí ajẹ́ńtì bá wọn fọwọ́ sí i.

Ìwé ìṣirò oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Owó ọlọ́dẹ, ti kólẹ̀kódọ̀tí àti ti iná ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Owó yanrìn ajọ̀mi nìkan ni kò sí, omi sì ti tún ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ nínú ike. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá lórí rẹ̀.