Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìpàdé Akéwì Láàárín Ọ̀rẹ́ Jẹ́

Ìpàdé ewì tí a kọ́kọ́ ṣe kò ju wákàtí 3 lọ, ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ 2 ni méjì nínú wa kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni gbogbo wa, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé a kò nílò òfin. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Láàárín àwọn tí kò mọra, ojú ṣì máa ń tini. Láàárín ọ̀rẹ́, ẹnu kì í ní ìjánu.

Àwa 8 ni a pé jọ lọ́jọ́ náà, oníkálukú ló sì mú ewì tirẹ̀ wá. Ewì àkọ́kọ́ gbà wá tó ìṣẹ́jú 50. Nígbà tó fi máa kan ẹni ìkẹyìn, àwọn kan ti ń wá bàtà wọn, "ó dára, ó dára" nìkan ló sì rí gbà lọ sílé. Ẹ má ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sì gbìyànjú láti ka ewì gbogbo yín ní ìpàdé kan ṣoṣo. Ní báyìí àwa 5 ni, wákàtí 2 ni a ń lò, ewì 3 péré ni a sì ń yẹ̀ wò, ìṣẹ́jú 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn 2 tí a kò kan ewì wọn ni yóò kọ́kọ́ ka tiwọn nígbà mìíràn. Ewì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ 3 ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ ju ojú ìwé 1 lọ. Ẹnì kan máa ń ṣọ́ aago, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a ń yẹ ewì rẹ̀ wò. (Èmi ni mo sábà máa ń ṣọ́ ọ. Wọn kò fẹ́ràn mi nítorí rẹ̀.)

Àṣìṣe kejì ni kí akéwì máa ṣàlàyé kí a tó kà á. "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ń sọ níbí ni pé…" Ẹni tó bá ti gbọ́ àlàyé yẹn kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ mọ́. Kò sì ní lè sọ fún un ibi tí ewì náà kò ti yé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ akéwì kò ní lè máa tẹ̀ lé ewì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó máa kà á. Ẹlòmíràn ni kí ẹ fún kí ó kọ́kọ́ kà á sókè, kí akéwì jókòó, kí ó mú gègé lọ́wọ́, kí ó sàmì sí ibi tí ahọ́n òǹkàwé ti kọsẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ ní Yorùbá tí ẹ kò fi àmì sí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ tí òǹkàwé yóò máa pe ọkọ̀ ní ọkọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí akéwì fúnra rẹ̀ wá tún un kà.

Èyí tó burú jù, tí mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí, ni ká sọ ara wa di adájọ́ tàbí alátùn-únṣe. "Yọ ìlà yìí." "Tó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni mi ò bá ṣe kọ ọ́." Ìlà náà lè má dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàṣẹ pé kí a yọ ọ́ kò tíì mọ iṣẹ́ tí akéwì gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan láàárín wa:

Bàtà rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà,
eruku ti kún inú rẹ̀.
Ọkàn mi gbọgbẹ́, ìbànújẹ́ bò mí.
Mo ń gbálẹ̀, mo yà fún un.

Ní ìpàdé wa àtijọ́, kíá ni a ò bá ti ní kí ó fa ìlà kẹta yọ. Lọ́jọ́ yìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà tí a ń kà á nìkan ni òfin gbà wá láyè láti sọ. Ẹnì kan ní, "Ìlà kẹrin ni kò kúrò lójú mi, bí ó ṣe ń gbálẹ̀ tó yà fún bàtà." Ẹlòmíràn ní, "Mo wà lẹ́nu ọ̀nà títí dé ìlà kejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mi ò rí nǹkan kan mọ́." Lẹ́yìn náà ni akéwì bi wá pé: "Níbo ni ẹ rò pé ẹni tó ni bàtà wà?" Àwa 2 ní ó rin ìrìn-àjò. Ẹnì kan ní ìjà ló lé e lọ. Ẹni 1 péré ló ní ó ti kú.

Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ń kọ ewì sí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá rí i pé ẹ̀rù ló ba òun pé ikú náà kò hàn, tí òun fi ki ìlà kẹta bọ ibẹ̀, àti pé ìlà náà ń ké tantan láìsọ ẹni tó kú. Ká ní a kàn ní kí ó yọ ọ́ ni, ewì náà yóò mọ́ tónítóní, àwa 2 yóò sì ṣì máa retí ẹni tó rìnrìn àjò. Ó yọ ìlà náà lóòótọ́, ó wá fún ewì ní àkọlé: "Lẹ́yìn Ìsìnkú." Ìlà 3 ló kù.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé yìí, a yá a lọ́dọ̀ Liz Lerman, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣètò rẹ̀ ní 1990. Àwọn olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Akéwì yóò bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn náà yóò bi akéwì ní ìbéèrè tí kò fi ìdájọ́ pamọ́ sínú. Ìgbẹ̀yìn ni èrò oníkálukú, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí ẹ tó sọ ọ́. Ìgbésẹ̀ kẹta ló ṣòro jù. "Kí ló dé tí ewì yìí kò fi lórí?" kì í ṣe ìbéèrè, èébú ni. "Báwo lo ṣe mọ ibi tó yẹ kí ó parí?" ni ìbéèrè. Lọ́jọ́ ewì bàtà yìí, ẹnì kan ní, "Mo ní èrò kan nípa eruku yẹn, ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ?" Akéwì ní rárá, kì í ṣe lónìí. A kọjá síbòmíràn.

Ẹ má sì rò pé ìyìn lásán ni inú rere. "Ó dùn gan-an" kò ṣe akéwì ní oore kankan, nítorí kò mọ ìlà tó yẹ kí ó dì mú nígbà tó bá ń tún un kọ. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ fi ìka kan ìlà kan.

Ohun tó dá ìjà àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rẹ́ wa kan kọ ewì nípa ọkùnrin tí ilé rẹ̀ ti sú. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ìyàwó ẹ lò ń bá wí ni?" Láti ọjọ́ náà, a kì í pe "mo" inú ewì ní "ìwọ" mọ́. "Ẹni inú ewì" là ń pè é, kódà nígbà tí gbogbo wa bá mọ̀ pé akéwì ni. Bí ọgbẹ́ náà bá ṣì tutù, akéwì lè sọ pé ká kàn gbọ́ ọ ni, kí ẹnikẹ́ni má tún nǹkan kan ṣe. A ó gbọ́ ọ, a ó dúpẹ́, a ó sì mú ewì tó kàn.