Bí mo ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ya ship sọ́tọ̀ kúrò lára sheep

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ship àti sheep bákan náà, fáwẹ̀lì i ti Yorùbá ló sì ń lò fún méjèèjì. Kí n tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, mo pe ọ̀kan nínú méjèèjì sí i létí nígbà 20, mo ń fi owó ẹyọ tí mo jù sókè yan èyí tí n ó pè, òun náà sì ń nàka sí èyí tó gbọ́ lórí ìwé. Ó gba 11, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ń méfò.

Àṣìṣe tèmi ló tẹ̀ lé e. Mo sọ fún un pé fáwẹ̀lì sheep gùn, ti ship sì kúrú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Ó wá ń fa i gùn, ó ń gé i kúrú, ṣùgbọ́n i kan náà ṣì ni. Ìgbà tí mo mú bit, beat, bid àti bead wọlé ni àṣírí tú, nítorí ó ń gbọ́ beat bíi bit, ó sì ń gbọ́ bid bíi bead. Gígùn ló ń tẹ́tí sí lóòótọ́, gígùn náà ló sì tàn án. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn bíi t máa ń gé fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ kúrú, nígbà tí d ń jẹ́ kó gùn, débi pé fáwẹ̀lì bid lè gùn tó ti beat.

Mo pa ọ̀rọ̀ gígùn tì, mo dojú kọ ahọ́n. Mo ní kó pe i, kó má dá ohùn dúró, kó máa sọ ahọ́n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìró náà yóò fi di e, kó wá padà, kó sì dúró lágbedeméjì, kí ètè rẹ̀ dẹ̀, kó má fẹ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ìtòsí ibẹ̀ ni fáwẹ̀lì ship wà. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó fa ship fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kó sì gé sheep kúrú, kí etí rẹ̀ lè gbà pé ship tó gùn ṣì jẹ́ ship. Ó kọ́kọ́ sọ ahọ́n kalẹ̀ jù, bit rẹ̀ sì di bet. Mo wá ní kó máa pe beat, bit, bet tẹ̀ léra, kí bit má bàa ṣubú sọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀.

Nígbà tí a tún ìdánwò àkọ́kọ́ ṣe, ó gba 18. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo gbé ohùn ẹlòmíràn sí i létí tó já sí 14: ohùn mi ló ti mọ̀, kì í ṣe ìró náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ohùn èèyàn mẹ́rin. Chip àti cheap, sit àti seat, kò dà wọ́n pọ̀ mọ́. Fill àti feel ló ṣì ń dàrú, nítorí l tó parí wọn ń fa ahọ́n sẹ́yìn kí fáwẹ̀lì tó tán.